Ẹni Tí Wọ́n Ní Kó Mú Dání

Mo ti ka ìwé ìpẹ̀jọ́ púpọ̀ láyé mi: èyí tí ó kún fún ìhalẹ̀, èyí tí ó kún fún àṣìkọ, èyí tí ènìyàn yóò kà tí yóò sì mọ̀ pé wọ́n ti dá ẹjọ́ náà kí wọ́n tó pe ẹlẹ́jọ́. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó pé. Kò sí àléébù kan tí mo lè nawọ́ sí lára rẹ̀, ohun tí ó sì ń bí mi nínú títí di òní nìyẹn. Ìwé tí ó burú, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè bá a jà. Ìwé tí ó dára, tí ó tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aláìṣẹ̀, ta ni a ó bá jà lórí rẹ̀?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ ni, mo sì rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan ní ẹ̀yìn Ṣakí, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí ìhà Ìsẹ́yìn. Àgbàdo ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ọkọ̀ ń kó o dé láti Kíṣì, láti Ìpàpó, láti Kòmú, wọ́n á fi iná mú un gbẹ, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ di oúnjẹ adìẹ. Inú yàrá àyẹ̀wò ni mo wà, tí mo ń wo bí omi ti pọ̀ tó nínú àgbàdo kí a tó gbà á wọlé. Nítorí pé n kò mọ bí a ti ń dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí a ti sọ̀rọ̀, kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn. "Akọ̀wé" ni gbogbo ayé ń pè mí níbẹ̀, láti orí àwọn tí ń di àpò títí dé orí bàbá tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni ó wà nídìí ẹ̀rọ tí ń fi iná mú àgbàdo gbẹ. Dùráyà ni a ń pe ẹ̀rọ náà. Ọmọ Kòmú ni ọkùnrin náà, ó ju ẹni ogójì ọdún lọ, ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì, Bàbá Ìbejì ni a sì mọ̀ ọ́n sí. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ó bá fẹ́ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ bọ́ fìlà, yóò bọ́ bàtà, yóò sì dúró títí ọ̀gá yóò fi gbójú sókè. Mo máa ń sọ fún un pé kò sí ohun tí bàtà ẹni ṣe fún ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni. Yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Akọ̀wé, ìwé lẹ kà, ẹ ò ka ènìyàn."

Ní àsìkò tí àgbàdo àkọ́kọ́ ń dé, tí òjò kò tíì jẹ́ kí ó gbẹ lóko, dùráyà kì í sinmi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Ìbejì rí i pé géèjì tí ń sọ bí iná ti gbóná tó ti dúró sójú kan. Ó gbá a, kò mira. Ó lọ bá ẹnjiníà tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sọ fún un. Ọkùnrin kan tí ń di àpò ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀, ó sì gbọ́ èsì tí ẹnjiníà fún un: "Máa ṣe é lọ. Fi ojú wọ̀n ọ́n. Ṣé ìwọ náà ò ní ojú ni?"

Ojú kì í wọn iná. Nígbà tí ó di ọ̀sán, Bàbá Ìbejì gbọ́ òórùn tí kò fẹ́ràn. Ẹnjiníà ti lọ jẹun nílé rẹ̀, ní ìkángun ọgbà iléeṣẹ́, òun nìkan ni ó sì láṣẹ pé kí a pa dùráyà nígbà tí àgbàdo wà nínú rẹ̀. Bàbá Ìbejì ní kí ọkùnrin tí ń di àpò bá òun wo ẹ̀rọ, ó sì sáré lọ sí ilé ẹnjiníà. Ọmọ ọ̀dọ̀ ní ọ̀gá ń sùn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jí wọn. Ó bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó dúró díẹ̀, ó ro ẹ̀rọ tí ó fi sílẹ̀, ó yí padà. Ó ṣì wà lójú ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ ẹnjiníà fi erùpẹ̀ bò ó lójú, tí ó kọjá lára rẹ̀ lọ. Èéfín ti jí ọ̀gá tí ọmọ ọ̀dọ̀ kò jẹ́ kí a jí. Nígbà tí ọ̀gá dé ìdí dùráyà, àgbàdo ti dúdú bí èédú, ẹni tí ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì sí nídìí rẹ̀.

Kúẹ́rì, ìwé tí ó ní kí ó wá wí tẹnu rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ dé. Bàbá Ìbejì kò fi han ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́. Ó gbé e lọ bá akọ̀wé-kọ̀wé kan nínú ọjà Ṣakí, èyí tí ń bá àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà sí ọmọ tí ó wà lókè òkun. Nígbà tí mo rí èsì náà lẹ́yìn náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni. Kò sí géèjì níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ pé òun lọ pe ẹnjiníà. Akọ̀wé-kọ̀wé náà ti bẹ Ọlọ́run, ó ti bẹ ọ̀gá, ó ti bẹ ìyàwó ọ̀gá, ó sì ti fi àwọn ìbejì bẹ̀bẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé tí mo ń sọ dé. Ọ̀gá tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó fi lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, ó ní kí ó tẹ̀ka sí ẹ̀dà kejì láti fi hàn pé ó ti gbà á. Ó ní, "Kíkà ni kí ẹ kà á o. Kì í ṣe kí ẹ gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí." Ó tẹ̀ka, ó sì gbé e tọ̀ mí wá ní yàrá àyẹ̀wò, ó dì í mú bí ẹni pé yóò jó òun lọ́wọ́.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n nítorí àdéhùn iléeṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́, wọ́n so ìtumọ̀ Yorùbá mọ́ ọn. Mo jókòó, mo kà á. Ó ní wọn kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, wọ́n fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ni. Ó dárúkọ ẹ̀sùn méjì: pé ó fi ìdí ẹ̀rọ sílẹ̀ láìgba àyè, àti pé àìbìkítà rẹ̀ ni ó mú kí àgbàdo jóná. Ó sọ ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ó sọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ó sọ ẹni mẹ́ta tí yóò gbọ́ ẹjọ́: ọ̀gá kan láti Ìbàdàn tí yóò ṣe alága, ọ̀gá ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, àti ọ̀gá ìhà tí a ti ń lọ àgbàdo. Ẹnjiníà kò sí lára wọn, nítorí pé òun ni ó fẹ̀sùn kàn án. Ohun tí ẹnjiníà kọ sílẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé náà kí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn lè rí i tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti múra sílẹ̀. Bí èyí kò bá tó, tàbí bí ẹni tí yóò bá a wá kò bá ráyè lọ́jọ́ náà, kí ó kọ̀wé, wọn yóò sún un síwájú. Bí ó bá ní ẹlẹ́rìí, kí ó fi orúkọ wọn ránṣẹ́; ó sì lè bi ẹnjiníà ní ìbéèrè níwájú ìgbìmọ̀. Wọn kò sì fi pamọ́ pé bí ẹ̀sùn náà bá múlẹ̀, ó lè já sí ìyọlẹ́nu-iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìlà tí ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Akọ̀wé iléeṣẹ́ tí ó túmọ̀ rẹ̀ kò ṣe é láti ṣe ibi. Ó kọ ọ́ pé: "O ní ẹ̀tọ́ láti mú ẹnì kan dání, yálà òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ó lè bá ọ sọ̀rọ̀."

Mú ẹnì kan dání. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu, kí ẹ tọ́ ọ wò. Kí ni Yorùbá ń mú dání lọ síbi tí wọ́n ti pè é lẹ́jọ́? Obì ni. Àgbà ni. Ẹni tí ojú yóò ti àwọn tí inú ń bí láti kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó ń mú agbẹjọ́rò "dání" nílẹ̀ yìí. Ẹlẹ́bẹ̀ ni à ń mú dání.

N kò fura lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn sí ìwé náà ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé mo rí ọ̀nà tí ẹjọ́ yóò fi tọ́ nínú rẹ̀. Mo sọ fún Bàbá Ìbejì pé, "Ẹ wò ó, gbogbo ohun tí wọ́n kọ yìí, tiyín ni. Ẹ ó mú mi lọ. Ẹ ó pe ọkùnrin tí ń di àpò ní ẹlẹ́rìí. A ó bi ẹnjiníà léèrè níwájú wọn: ṣé Bàbá Ìbejì sọ fún yín nípa géèjì àbí kò sọ? Ta ni ó ní kó máa ṣe é lọ? A ó ní kí wọ́n lọ wo géèjì. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì dúró sójú kan."

Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé wọ́n á jẹ́ kí ẹ bi ẹnjiníà ní ìbéèrè?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbí."

"Níṣojú rẹ̀?"

"Níṣojú rẹ̀ ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, ta ni a ó bi?"

Ó mi orí fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin ni mo mú." Mo kọ orúkọ ara mi àti ti ẹlẹ́rìí sínú ìwé, ó tẹ̀ka sí i, ṣùgbọ́n ó ní kí n má tíì fi ránṣẹ́ títí òun yóò fi dé Kòmú lọ sọ fún àwọn àgbà. Bí ènìyàn bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ tí ó tó báyìí, kò lè máà jẹ́ kí ilé gbọ́. Mo ní kí a jọ lọ.

Mo ti sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo ti bá ọ̀gá ọlọ́pàá ṣàríyànjiyàn, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ṣẹ́gun mi tó ìta ilé yẹn ní Kòmú. Àwọn àgbà jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi òrí kan. Àbúrò bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ olórí ẹbí ni ó gba ìwé náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì ní kí n ka ti Yorùbá. Mo kà á. Nígbà tí mo dé "mú ẹnì kan dání," bàbá náà gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ńbẹ̀. Ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ó yíjú sí àwọn yòókù, ojú rẹ̀ sì ń tàn. "Ẹ gbọ́? Àlùhámúdù líláì! Wọ́n ti fẹ́ forí jì í. Bí inú bá ń bí àgbà tọkàntọkàn, ṣé á ní kí o mú ẹnì kan dání? Ìwọ nìkan ni á ní kó o máa bọ̀. Nígbà tó bá ní kó o mú ẹnì kan dání, ohun tó ń wí ni pé, 'Wá ẹni tí n ó tìtorí rẹ̀ gbàgbé.'"

Mo ní, "Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò bá a ro ẹjọ́ ni wọ́n wí. Kò ṣẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó bàjẹ́."

"Ta ló ni ẹ̀rọ?"

"Iléeṣẹ́ ni."

"Ta ló ń sanwó oṣù fún un?"

"Iléeṣẹ́ náà ni."

"Ìwọ wá fẹ́ kó lọ sínú ilé onílé, kó lọ máa wí fún onílé pé ọmọ rẹ̀ lòpùrọ́." Ó wo ṣòkòtò mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ọmọdé yìí, ìwé rẹ pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni baba rẹ tí a ó mú ọ dání?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan tí ń pa ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní, "Ẹ má bú u. Ó ti mọ̀wé jù ni. Bí wọ́n bá ní kó dọ̀bálẹ̀, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ibi tí ilẹ̀ wà han òun."

Mo bínú, mo sì sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo ní ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ nídìí ẹ̀sùn ti gba ẹ̀sùn náà. Mo ní àwọn ọ̀gá yìí kì í ṣe baálẹ̀. Ohun tí a bá wí ni wọn yóò kọ sílẹ̀, ohun tí a kò wí kò sí. Olórí ẹbí gbọ́ mi dópin, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo dákẹ́, ó sọ gbólóhùn kan péré, kò sì gbóhùn sókè: "A kì í jẹ̀bi lórí ìdọ̀bálẹ̀."

Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré. Ó ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìyà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń fi ojú dájọ́ ni wọ́n ti bí i. Ẹni tí ó wà lórí àga ń wo ẹni tí ó wà nílẹ̀, ó sì mọ ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ túmọ̀ sí. Páálí tí a ń to ìwé ẹjọ́ sí kò ní ojú. Páálí kò mọ̀ pé aláìṣẹ̀ pàápàá máa ń dọ̀bálẹ̀ nílẹ̀ wa.

Ẹni tí wọ́n yàn ni bàbá tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́. Kò sí ohun tí òfin lè wí sí i: òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ ni, ìwé sì sọ pé òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ lè bá a wá. Àgbàlagbà ni, àlùfáà ni, òun ni ó ń ṣe lémọ́mù fún àwọn tí ń kírun nínú ọgbà, ọ̀gá pátápátá pàápàá máa ń sọ fèrèsé ọkọ̀ kalẹ̀ láti kí i. Ẹbí ní tí irú rẹ̀ bá dọ̀bálẹ̀, òkúta yóò rọ̀.

Àwọn ọjọ́ tí wọ́n fún Bàbá Ìbejì láti múra sílẹ̀ wá di ọjọ́ tí ẹbí rẹ̀ fi ń ti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n gbé iṣu lọ sí ilé ọ̀gá ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọkùnrin náà kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ní bí òun bá gba iṣu yẹn, òun náà yóò gba ìwé ìpẹ̀jọ́, ó sì ní kí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn lọ lo àyè rẹ̀ fún ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ gidi ni ó sọ fún wọn. Wọ́n délé, wọ́n ní, "Kò gba iṣu, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín." Wọ́n tún lọ bá ọkùnrin tí ń di àpò. Ìgbà tí mo tún rí i, kò lè wò mí lójú.

"Akọ̀wé, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ní bí mo bá wí ohun tí mo gbọ́, mo ti ba ẹ̀bẹ̀ jẹ́ nìyẹn."

"Ṣé o gbọ́ ọ àbí o kò gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ṣé ènìyàn á máa wó ilé tí àgbà ń kọ́ ni?"

Mo tún lọ bá Bàbá Ìbejì nídìí dùráyà tí ó ti tutù. Mo ní, "Ẹ̀tọ́ yín ni láti yan ẹni tí ó bá wù yín. Òfin kò fún mi láyè láti fi ipá bá yín wọlé. Ẹnì kan péré ni wọ́n ní. Ẹ yàn mí, kí bàbá wà níta kó máa gbàdúrà."

Ó ní, "Kí n yàn yín lórí bàbá?" Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí mo ní kí ó bọ́ sí ìhòòhò. Mo ní, ó kéré tán, kí ó fi ìwé tí a ti ṣe ránṣẹ́, kí ó béèrè fún ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ó ní wọ́n ti dá ọjọ́ yẹn fún bàbá, ojú yóò ti òun bí wọ́n bá tún yí i padà. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi sínú àpò bùbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó wà títí tí gbogbo rẹ̀ fi parí.

Ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, mo jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò tí ó wà lẹ́yìn yàrá ìpàdé. Gíláàsì ojú fèrèsé ṣí sílẹ̀ nítorí ooru, kò sì sí ẹni tí ó lè ní kí n má sinmi lábẹ́ igi. Mo gbọ́ ohùn alága láti Ìbàdàn, ohùn ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ka ẹ̀sùn. Ó béèrè lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì bóyá ó gba ìwé lásìkò, bóyá ó yé e, bóyá ó rí ohun tí ẹnjiníà kọ. Ó ní, "Ṣé bàbá yìí ni ẹni tí ẹ yàn láti bá yín wá?"

"Àwọn ni, sà."

"Wọ́n lè sọ̀rọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n wọn kò lè dáhùn ìbéèrè tí a bá bi yín. Ó yé yín?"

"Ó yé mi, sà."

"Ẹ ní ẹlẹ́rìí kankan?"

Mo rọra dìde dúró kí n lè gbọ́ èsì rẹ̀. Bàbá Ìbejì ní, "Rárá, sà."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró kan tí n kò ní gbàgbé: ìró ara àgbàlagbà tí ó kan ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Bàbá ẹnu ọ̀nà ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Alága ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Kò sí ẹni tí ó ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀."

"N ò dìde, olówó mi. Nítorí Ọlọ́run àti Ánábì, ẹ foríjì í. Ọmọ yín ni. Ọmọdé ń gọ̀, àgbà ń gọ̀. Ìbejì ló bí o!"

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Ṣé ẹ ń sọ pé lóòótọ́ ni ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀?"

"Àwa ò wí àwíjàre, sà. Ẹ̀yin lẹ lòkè, ẹ̀yin lẹ nilẹ̀. Ó ṣẹ̀. Ó gbà pé òun ṣẹ̀. Ẹ fi jì wá."

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ díẹ̀ wà láàárín àwọn mẹ́ta náà. Alága kò sáré. Ó yíjú padà sí Bàbá Ìbejì, mo sì gbọ́ ọ tí ó ní, "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbọ́. Kì í ṣe bàbá. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Ìyẹn ni ẹnu ọ̀nà. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó sọ kò ju gbólóhùn méjì lọ: géèjì ti kú, mo sì lọ pe ẹnjiníà. Ẹnjiníà jókòó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá jẹ́ Yorùbá fi ara rẹ̀ sí ipò rẹ̀. Àlùfáà tí ó tó bí i wà nínú erùpẹ̀ nítorí rẹ̀, bàbá náà sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé ọmọ òun ṣẹ̀. Bí ó bá wá ní òun kò ṣẹ̀, ó ti sọ bàbá di òpùrọ́ níwájú ọ̀gá, ó ti sọ ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ di ẹ̀fẹ̀. Ta ni yóò tún bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá sí ibikíbi láyé?

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó tinrín. "Bí bàbá ṣe wí náà ni, sà."

"Ẹ kò ní ohun mìíràn láti sọ?"

"Ẹ ṣàánú mi, sà."

Wọ́n bi ẹnjiníà bóyá ó ní ọ̀rọ̀. Ó wúkọ́, ó ní òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni, òun pàápàá bá wọn bẹ̀bẹ̀. Ẹ rántí ọkùnrin náà: ó mọ̀ nípa géèjì láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó jókòó, ó gbọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń ru ẹrù òun lórí sìmẹ́ǹtì, ó sì bá wọn bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, bàbá ẹnu ọ̀nà ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára agbádá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ó kígbe sí mi pé, "Akọ̀wé! Ó ti bùṣe. Alága tó ní kí n dìde, ṣé ẹni tó fẹ́ lé ènìyàn ló ń wí bẹ́ẹ̀?" Àwọn ará Kòmú tí wọ́n ti ń dúró lẹ́nu géètì bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìwé gbélé-ẹ dé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ó kọ ọ́ pé ẹni tí a fẹ̀sùn kàn gba ẹ̀sùn méjèèjì, pé ẹni tí ó bá a wá jẹ́rìí sí i, pé kò sí àlàyé kankan tí ó lè mú ìyà fúyẹ́. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó wáyé nínú yàrá yẹn. Ìlà ìkẹyìn rẹ̀ ní bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà ní Ìbàdàn. Mo kọ ìwé náà. Mo kọ géèjì sínú rẹ̀, mo kọ ilé ẹnjiníà, mo kọ ọmọ ọ̀dọ̀, mo kọ ọkọ̀ tí ó kọjá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ní Kòmú pé ọ̀gá kan tún wà lókè, wọ́n ní, "Àbí ẹ rí i! Wọ́n ní ká tún wá bẹ ẹni tó jù wọ́n lọ." Kí ìwé mi tó dé Ìbàdàn, olórí ẹbí àti bàbá ẹnu ọ̀nà ti wọ mọ́tò, wọ́n ti gbé àgbò lọ sí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá àgbà. Àgbò náà ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Èsì tí wọ́n kọ padà kò gùn: wọ́n ní àlàyé tuntun tí kò wáyé lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, tí ìdílé rẹ̀ sì tún ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí, kò ṣeé gbé ìdájọ́ dànù fún.

Bàbá Ìbejì padà sí oko iṣu bàbá rẹ̀. Mo lọ kí i lẹ́ẹ̀kan. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ìyẹn sì ṣòro fún mi ju bí ó bá ti bínú lọ. Ìyá Ìbejì ni ó sọ̀rọ̀. Ó gbé omi fún mi, ó ní, "Wọ́n bẹ̀bẹ̀ dáadáa, Akọ̀wé. Kò sí ẹni tí ò mọ̀ pé wọ́n bẹ̀bẹ̀ dáadáa." Ó wọlé lọ, kò sì jáde mọ́ títí mo fi lọ.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà, mo wà lẹ́nu géètì nígbà tí ọkọ̀ kan dé láti Ìbàdàn. Àwọn mẹ́káníìkì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú páálí kékeré kan. Bàbá ẹnu ọ̀nà tú u wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé ohun rogodo onígíláàsì tí ó wà nínú rẹ̀ sókè sí oòrùn.

"Akọ̀wé, kí lèyí?"

Mo ní, "Géèjì dùráyà ni. Èyí tí ó wà níbẹ̀ ti kú láti ọjọ́ tí àgbàdo jóná. Òun ni ó jẹ́ kí ó jóná."

Bàbá náà wò mí, ó wo géèjì, ó tún wò mí. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi pé kò sí ẹ̀gàn kankan lójú rẹ̀. Ìyàlẹ́nu gidi ni.

Ó ní, "Háà! Kí ló dé tí ọkùnrin yẹn ò fi wí i lọ́jọ́ tí wọ́n bi í?"